Bí ẹ ṣe máa kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán tó ń kéde ẹ̀ka kejì ṣọ́ọ̀bù onídìrí yín

Ẹni tó bá rí ìkéde ẹ̀ka tuntun lórí Instagram nínú fóònù rẹ̀, nǹkan mẹ́rin ló máa fẹ́ mọ̀. Ṣé ẹ ti kó kúrò níbi tí mo mọ̀ yín sí ni? Ibo gan-an ni tuntun yìí wà? Èló lẹ ń gbà? Báwo ni mo ṣe máa gba àyè? Èyíkéyìí tí ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán yín kò bá dáhùn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀yin lẹ máa dáhùn ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú kọ́mẹ́ǹtì, pẹ̀lú jẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́, tí irun oníbàárà mìíràn sì wà níwájú yín.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù kan ṣe àpẹẹrẹ látìbẹ̀rẹ̀ dópin: ó wà ní Bódìjà n'Ìbàdàn, ó fẹ́ ṣí ẹ̀ka kejì sí Akóbọ̀. Onídìrí mẹ́ta ló máa wà ní tuntun. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì. Iye owó tí ẹ máa rí níbí, àpẹẹrẹ ni. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀.

Ẹ ṣírò kí ẹ tó kọ̀wé

Ibi ẹ̀dínwó ni ọ̀pọ̀ ìkéde ti ń bàjẹ́, kì í sì í ṣe ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ ló ti bàjẹ́. Wọn ò ṣírò ni. «Ìdajì owó fún gbogbo irun, láàárín ọ̀sẹ̀ kan» rọrùn láti kọ. Ọjọ́ kejì lẹ máa mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ẹ mú nọ́tílẹ́ẹ̀sì tó dé àárín ẹ̀yìn. Ká sọ pé ₦15,000 ni owó iṣẹ́ rẹ̀, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún náírà, ogójì ni ti onídìrí. Á jẹ́ pé ₦6,000 ni tiẹ̀, ₦9,000 ni ti ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá yọ ìdá márùn-ún kan kúrò, oníbàárà san ₦12,000. Àmọ́ ta ni ẹ̀dínwó yẹn já lé lórí? Onídìrí kò dín wákàtí tó fi dúró kù, nítorí náà á retí ₦6,000 rẹ̀ pé pérépéré. Ohun tó kù fún ṣọ́ọ̀bù di ₦6,000. Lójú oníbàárà, ìdá márùn-ún kan lẹ yọ; nínú àpò yín, ìdá mẹ́ta kan ló lọ. Bí ẹ bá wá sọ pé ìdajì owó, oníbàárà san ₦7,500, onídìrí gba ₦6,000, ₦1,500 ló kù tí ẹ máa fi ra mọ́ọ̀sì, jẹ́ẹ̀lì àti epo jẹnẹrétọ̀. Ẹ bá onídìrí sọ ọ́ kí ìkéde tó jáde bóyá orí owó tuntun ni ìpín rẹ̀ máa wà tàbí orí owó àtijọ́. Ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́, níbí gan-an ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn owó, àkókò. Nọ́tílẹ́ẹ̀sì yẹn gba ẹnì kan ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́sàn-án á parí láago mẹ́ta, kò sì lè bẹ̀rẹ̀ òmíràn kó tó di ìgbà tí ẹ ń tilẹ̀kùn. Orí kan péré ni onídìrí kan lè ṣe lóòjọ́. Nínú mẹ́ta tẹ́ ẹ ní, ẹ jẹ́ kí méjì gbájú mọ́ nọ́tílẹ́ẹ̀sì, kí ẹ̀kẹta máa fọ irun, kó sì máa fi rólà sí i. Bí ẹ̀dínwó bá jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀, orí mẹ́fà ni gbogbo nọ́tílẹ́ẹ̀sì tẹ́ ẹ lè ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà. Mẹ́fà yẹn lẹ máa kọ sínú ìkéde. Ẹ má kọ «àyè kò pọ̀», torí gbogbo ayé ló ń kọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó gbà á gbọ́ mọ́.

Ìdí tí mo fi yọ ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta kúrò nínú ẹ̀dínwó ni pé ọjọ́ méjèèjì yẹn kì í wá oníbàárà. Òde wà ní Sátidé, irun gbọ́dọ̀ wà lórí. Àárín ọ̀sẹ̀ ni àga máa ń ṣófo, ibẹ̀ ló yẹ kí ẹ fi ẹ̀dínwó fa èèyàn sí.

Fún irun fífọ, mi ò ní dín owó kù rárá. Èmi á fi nǹkan kún un. Owó fífọ àti rólà ṣì jẹ́ ₦5,000, àmọ́ ẹ fi stíímà pẹ̀lú kọ̀ndíṣọ́nà ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún oníbàárà. Kọ̀ndíṣọ́nà tó máa lọ lórí ẹnì kan kò tó nǹkan, ìpín onídìrí kò yí padà, oníbàárà sì rí nǹkan gbà lọ. Ohun kan ṣoṣo tó ń ná yín ni àkókò: iṣẹ́ tó gba wákàtí kan àtààbọ̀ á di wákàtí méjì. Nínú wákàtí mẹ́sàn-án, ẹni mẹ́rin ni onídìrí kẹta yẹn lè ṣe lóòjọ́ láìsáré. Stíímà àti dráyà ò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí iná, nítorí náà ẹ má ṣèlérí èyí bí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ka tuntun kò bá tíì dé.

Àdírẹ́sì tí ọlọ́kọ̀ lè gbọ́ yé

«Ṣọ́ọ̀bù 4, Plásà tuntun, Akóbọ̀» kì í ṣe àdírẹ́sì fún ẹni tó wà nínú máíkírà. Ọlọ́kọ̀ ò mọ nọ́mbà ilé. Bọ́ọ̀sì-sitọ́ọ̀bù ló mọ̀. Torí náà, ẹ kọ ọ́ bí ẹsẹ̀ èèyàn ṣe máa rìn ín: ibi tó máa sọ̀ kalẹ̀ sí, ìhà ibi tó ń kọjú sí, bóyá ó máa sọdá títì tàbí kò ní sọdá, ohun tó máa rí, àti òkè tàbí ìsàlẹ̀ tí ìlẹ̀kùn yín wà.

Ohun tó máa ń ṣi èèyàn lọ́nà jù ni «ọwọ́ ọ̀tún» tí kò ní ibi tí èèyàn ti ń bọ̀ nínú. Ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń bọ̀ láti Baṣọ̀run, ọwọ́ òsì ni fún ẹni tó ń padà síbẹ̀. Ẹ máa kọ ibi tí ẹni náà ti ń bọ̀ ṣáájú, kí ẹ tó kọ ọwọ́.

Àmì tí ẹ máa fi júwe, ẹ mú èyí tí kò lè kúrò níbẹ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì lè má jáde lọ́la. Ọ̀dà ara ilé lè yí padà. Mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì kì í kúrò, àmọ́ bí mẹ́ta bá wà ládùúgbò náà, ẹ ò tíì júwe nǹkan kan. Ilé epo, báńkì, ilé ìwé, orítá tó lórúkọ, ìwọ̀nyí ló dáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ dúró síwájú ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà gan-an, ẹ ṣí Google Maps, ẹ tẹ ibi tí ẹ wà mọ́lẹ̀ títí àmì pupa á fi yọ, kí ẹ wá fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ara yín. Ẹ má ṣe èyí láti ilé. Àmì tó bá fi àádọ́ta mítà yẹ̀ á gbé oníbàárà lọ sí àdúgbò ẹ̀yìn, tí géètì kò sí. Líǹkì yìí máa wà nínú ìdáhùn WhatsApp yín, kì í ṣe nínú ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán Instagram, torí líǹkì tí ẹ bá kọ síbẹ̀ kì í ṣeé tẹ̀. Ó kàn máa jókòó síbẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán ni.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ fi àpèjúwe náà ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí kò mọ Akóbọ̀, kó fi wá yín wá. Bó bá pè yín lẹ́ẹ̀kan péré pé «mo ti dé ibi báyìí, kí ni kí n tún ṣe?», ibi tó dúró sí nígbà tó pè yẹn ni àpèjúwe yín ti já. Ẹ tún gbólóhùn ibẹ̀ kọ.

Ọ̀nà kan ṣoṣo láti gba àyè

Bí ẹ bá kọ «ẹ pè wá, ẹ tẹ̀ wá lórí WhatsApp, ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ níbí, tàbí kí ẹ wọlé wá», ibi mẹ́rin lẹ máa ti máa wá orúkọ èèyàn, ẹni méjì á sì gba aago mẹ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀nà kan ni kí ẹ mú. Fún ṣọ́ọ̀bù irun, WhatsApp dáa jù, torí oníbàárà máa ń fẹ́ fi àwòrán irun tó wù ú ránṣẹ́, àkọsílẹ̀ àdéhùn á sì wà níbẹ̀ bí àríyànjiyàn bá dé.

Ẹ̀ka méjì, nọ́mbà kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra síìmù tuntun fún ẹ̀ka tuntun. Oníbàárà á wá máa fi iṣẹ́ Akóbọ̀ ránṣẹ́ sí Bódìjà, torí nọ́mbà àtijọ́ ló ti fi pamọ́. WhatsApp Business gbà kí ẹ so ẹ̀rọ mẹ́rin míì mọ́ fóònù tí nọ́mbà wà lórí rẹ̀, nítorí náà ẹni tó wà ní Akóbọ̀ lè rí iṣẹ́ kan náà tí ti Bódìjà ń rí. Ẹ fi àmì aláwọ̀ méjì ya àwọn ẹ̀ka náà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan.

Líǹkì tó máa ṣí WhatsApp tààrà lẹ máa fi sínú àpèjúwe ojúewé Instagram yín lókè, níbi tó ti ṣeé tẹ̀. Bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ rèé:

```
https://wa.me/2348000000000?text=Mo%20fe%20gba%20aaye%20ni%20Akobo
```

Ẹ yọ òdo tó ṣáájú nọ́mbà yín kúrò, kí ẹ fi 234 rọ́pò rẹ̀, láìsí àmì àròpọ̀. Bí òdo yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, WhatsApp á sọ pé nọ́mbà náà kò sí. `%20` ló dúró fún àlàfo láàárín ọ̀rọ̀. Àǹfààní ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé `text=` ni pé oníbàárà tó bá tẹ líǹkì náà á bá a tí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, ẹ̀yin náà á sì mọ ẹ̀ka tó ń bá sọ̀rọ̀ kó tó sọ ohunkóhun.

Síbẹ̀, ẹ kọ nọ́mbà náà sínú ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán pẹ̀lú, torí ẹlòmíì á gba àwòrán ojú fóònù rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀, líǹkì kò sì sí nínú àwòrán. Ẹ pín in sí mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́rin: 0800 000 0000. Nọ́mbà mọ́kànlá tó lẹ̀ mọ́ra kò rọrùn láti tẹ̀ láìṣì.

Ní ti owó àsansílẹ̀: irun tó máa gba wákàtí mẹ́fà gbọ́dọ̀ ní i, torí bí ẹni náà kò bá wá, onídìrí kan pàdánù gbogbo ọjọ́ rẹ̀. ₦3,000 tó. Irun fífọ kò nílò rẹ̀. Ẹ sọ ìgbà tí owó yẹn lè padà àti ìgbà tí kò lè padà, kí ẹnu má baà kò nígbà tó bá yá. Àmọ́ ẹ má kọ nọ́mbà àkáǹtì sí gbangba. Àwọn oníjìbìtì máa ń da gbogbo ìkéde kọ sórí ojúewé ayédèrú tó jọ tiyín, nọ́mbà àkáǹtì nìkan ni wọ́n máa yí. Inú ìdáhùn WhatsApp ni kí ẹ ti fi í ránṣẹ́, kí orúkọ orí àkáǹtì sì jọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Bí kò bá jọ ọ́, ẹ tètè sọ orúkọ tó máa yọ, kí ẹ̀rù má ba ẹni tó fẹ́ sanwó. Nígbà tí ẹ bá ń wò ó bóyá owó ti wọlé, inú áàpù báńkì yín ni kí ẹ wò, kì í ṣe àwòrán rìsíìtì tí wọ́n fi ránṣẹ́.

Ìlà àkọ́kọ́

Instagram máa ń gé ọ̀rọ̀ lẹ́yìn nǹkan bí àmì 125, kó tó fi `more` síbẹ̀, àwọn tí kò ní tẹ `more` sì pọ̀ ju àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, «Inú wa dùn láti kéde fún ẹ̀yin oníbàárà wa àtàtà pé nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run…» ti jẹ gbogbo àyè tán kí ẹ tó sọ ibi tí ẹ lọ. Ọpẹ́ dáa, ẹ gbé e sísàlẹ̀. Ẹ má sì kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, torí orúkọ ojúewé yín ti wà lórí àwòrán náà tẹ́lẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ló yẹ kó wà nínú ìlà yìí: àdúgbò, ọjọ́, àti pé ẹ̀ka àkọ́kọ́ ṣì wà. Ẹ̀kẹta yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé. Bí ẹ bá kọ «a ti wà ní Akóbọ̀ báyìí», oníbàárà Bódìjà á rò pé ẹ ti kó lọ, á sì wá onídìrí míì láìbi yín ní ìbéèrè kankan.

Ẹni tó bá ń kọ Yorùbá tàmì-tàmì, kó rántí pé fóònù lè ka lẹ́tà tó ní àmì lókè àti lábẹ́ bí méjì. Ìlà yín lè tètè gé ju bí ẹ ṣe rò lọ. Lẹ́tà aláràbarà tí wọ́n ń dà kọ láti orí ìkànnì kan kì í sì í ní ẹ, ọ àti ṣ. «Ọjọ́» á di nǹkan mìíràn.

Bó ṣe máa rí nígbà tó bá parí

> Ẹ̀ka wa kejì máa ṣí ní Akóbọ̀, Ìbàdàn, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, 6 oṣù Kẹwàá. Ti Bódìjà ṣì wà níbi tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n sí.
>
> IBI TÓ WÀ: Bọ́ọ̀sì-sitọ́ọ̀bù Jẹ́nẹ́rà Gáàsì, Akóbọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ láti Baṣọ̀run, ẹ sọ̀ níbẹ̀, ẹ má sọdá. Ẹ rìn síwájú fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ máa rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onígéètì irin lọ́wọ́ ọ̀tún yín. Òkè kìíní, ìlẹ̀kùn kejì. Àyè wà fún mọ́tò nínú géètì.
>
> Ọ̀SẸ̀ ÀKỌ́KỌ́ (Ìṣẹ́gun 6 sí Ọjọ́bọ̀ 8, Akóbọ̀ nìkan):
> Nọ́tílẹ́ẹ̀sì alábọ́ọ́dé, tó dé àárín ẹ̀yìn: ₦12,000 dípò ₦15,000. Orí 6 péré, méjì lóòjọ́, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Àtáṣímẹ́ńtì kò sí nínú owó yìí: ẹ mú páàkì 4 wá, tàbí kẹ́ ẹ rà á lọ́dọ̀ wa. Ẹ ti tú irun àtijọ́ kẹ́ ẹ tó wá. Bá a bá bá yín tú u, ₦2,000.
> Fífọ àti rólà: ₦5,000, stíímà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni 4 lóòjọ́.
> Ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta, owó tẹ́ ẹ mọ̀ là ń gbà.
>
> BẸ́ Ẹ ṢE MÁA GBA ÀYÈ: WhatsApp nìkan, 0800 000 0000, tàbí líǹkì tó wà lókè ojúewé wa. Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́, irun tẹ́ ẹ fẹ́, kẹ́ ẹ fi kún un pé Akóbọ̀ ni. Àsansílẹ̀ nọ́tílẹ́ẹ̀sì jẹ́ ₦3,000, ó wà lára owó irun. A máa dá a padà bẹ́ ẹ bá sọ fún wa ní wákàtí 24 ṣáájú. Tẹ́ ẹ bá fi ìṣẹ́jú 30 pẹ́, a lè fún ẹlòmíì ní àyè yín.
>
> A ń ṣí láago 9 àárọ̀ sí 6 ìrọ̀lẹ́, Ìṣẹ́gun sí Àbámẹ́ta. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Ẹ wo ibi àtáṣímẹ́ńtì dáadáa. Oníbàárà tó rí ₦12,000 máa rò pé irun ti pé nínú rẹ̀, àfi bí ẹ bá sọ fún un. «Alábọ́ọ́dé» àti «àárín ẹ̀yìn» náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀, ẹnì kan á wá bèèrè èyí tó tín-ín-rín tó dé ìdí, owó kan náà. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà kò gba oníṣòwò láyè láti gbà ju iye tó fi hàn fún oníbàárà lọ. Nítorí náà, ohun tí ẹ bá máa gba owó rẹ̀ lọ́tọ̀, bíi títú irun, inú ìkéde ló yẹ kó wà, kì í ṣe ìgbà tí ẹni náà ti jókòó.

«Akóbọ̀ nìkan» pẹ̀lú, ẹ má yọ ọ́. Láìsí i, ẹnì kan á wọ Bódìjà lọ́jọ́rú, á gbé fóònù jáde, á sì béèrè ₦12,000 rẹ̀, ẹ ò sì ní rí ẹnu fi dá a lóhùn.

Lẹ́yìn tó bá ti jáde

Ẹ gbé e jáde ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ ìṣílé. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á gbàgbé. Bó bá kù dẹ̀dẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oṣù ò ní rí ọjọ́ tọrọ níbi iṣẹ́. Ẹ so ó mọ́ òkè ojúewé yín. Fún àwọn oníbàárà àtijọ́, ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pẹ̀lú, àmọ́ ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fi nọ́mbà yín pamọ́ sínú fóònù rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ojúkojú nìkan ló máa gbọ́ ọ, nígbà tó bá wá sí Bódìjà.

Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ máa ka ìbéèrè tó ń wọlé. Bí ẹni mẹ́ta bá béèrè ohun kan náà, ọ̀rọ̀ yín ni kò yé èèyàn: ẹ tẹ àmì mẹ́ta ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà, ẹ yan `Edit`, kí ẹ tún ibẹ̀ kọ. Ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù tí ẹ máa rí ni orúkọ onídìrí: «Ṣé ẹni tó ń dì mí ní Bódìjà ló máa wà níbẹ̀?» Oníbàárà irun, ọwọ́ kan pàtó ló ń tẹ̀ lé. Bí ẹ bá ti mọ ẹni tó ń lọ àti ọjọ́ tó máa wà níbẹ̀, ìlà kan ló máa gbà, kí ẹ fi sábẹ́ àsìkò ìṣílẹ̀kùn.

Bí àyè mẹ́fà bá kún, ẹ pààrọ̀ «Orí 6 péré» sí «Ó ti kún» lọ́jọ́ yẹn náà. Nígbà tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì 9, ẹ yọ gbogbo apá ẹ̀dínwó kúrò, kí ẹ sì yí ìlà àkọ́kọ́ padà sí «Ẹ̀ka wa kejì ti ṣí ní Akóbọ̀». Ẹ má pa á rẹ́. Àpèjúwe ọ̀nà tó wà nínú rẹ̀ ṣì ni ẹni tó ń bọ̀ lóṣù kejì máa fi wá yín.